Ẹ̀jẹ̀ Ríru Tó Lè Dúró Di Àárọ̀, Àti Èyí Tí Kò Lè Dúró



   

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru ni, èyí tí gbogbo wa ń pè ní bíipí. A kò wá sọ fún yín pé kí ẹ dín iyọ̀ kù, nítorí pé ẹ ti gbọ́ ìyẹn títí. Ohun kan ni a fẹ́ kí ẹ bá wa mú lọ sílé. Èèyàn méjì lè jókòó sórí ẹní kan náà, kí ẹ̀rọ ka nọ́ńbà tó ga gidi fún àwọn méjèèjì, kí ó jẹ́ pé ẹnì kan lè sùn sílé kí ó rí dókítà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n kí ẹnì kejì má gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣòfò kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù. Ohun tó ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà. Àmì tó hàn lára wọn ni.

Àwa fúnra wa kò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ọ̀nà tí a gbà mọ̀ ọ́n kò dùn láti sọ, ṣùgbọ́n a ó sọ ọ́, torí pé bí àáfà bá fi àṣìṣe tirẹ̀ pamọ́, àwọn tó ń tẹ̀lé e yóò ṣe irú rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú ààwẹ̀, lẹ́yìn tí a kírun àṣámù tán ní mọ́sálásí wa ní Múṣín, nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa gbé ẹ̀rọ bíipí kalẹ̀, ó ní kí àwọn àgbà wá jókòó kí òun wọ̀n ọ́n fún wọn. Ẹ̀gbọ́n wa kan jókòó, wẹ́ńdà ni wọ́n, wọ́n ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ẹ̀rọ ka 204 sókè, ó ka 122 sísàlẹ̀. Gbogbo mọ́sálásí pariwo. Ẹnì kan ní kí wọ́n sáré gbé wọn, ẹlòmíràn ní kí wọ́n dùbúlẹ̀, ẹnì kẹta ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ẹ̀gbọ́n náà ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tó ń ṣe mí o. Jọ̀lọ́ọ̀fù ni mo fẹ́ lọ jẹ.”

Nọ́ọ̀sì yìí kò sáré. Ó kọ́kọ́ bi wọ́n ní ìbéèrè. Ṣé orí ń fọ́ yín? Rárá. Ṣé àyà ń dùn yín? Rárá. Ṣé ẹ lè mí dáadáa? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ojú yín ríran bó ṣe máa ń rí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sọ orúkọ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí àléébù. Lẹ́yìn náà ló béèrè oògùn. Ẹ̀gbọ́n wa wolẹ̀, wọ́n ní láti ọjọ́ tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn kò ti lo oògùn mọ́, torí pé òwúrọ̀ ni àwọn máa ń lò ó, àwọn kò sì fẹ́ kí ààwẹ̀ bàjẹ́.

Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n jókòó síbi tó dákẹ́, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó tún un wọ̀n, ó jẹ́ 192 lórí 116. Ó ní kí ọmọ wọn lọ mú oògùn wọn wá láti ilé, kí wọ́n lo ti ọjọ́ yẹn bí dókítà ṣe kọ ọ́, kí wọ́n má ṣe lo méjì pọ̀ láti fi dí àwọn tó ti kọjá, kí wọ́n sùn, kí wọ́n sì wà ní ilé-ìwòsàn bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe. Dókítà yí oògùn wọn padà sí èyí tí wọ́n lè lò lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́. Ní bíi ọjọ́ mẹ́wàá sí i, bíipí wọn ti sọ̀kalẹ̀ dé 150 lórí 92, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a dúró níbẹ̀ díẹ̀, kí a ṣàlàyé ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn mọ̀ tí àwa kò mọ̀.

Nọ́ńbà òkè ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan nígbà tí ọkàn bá fún un jáde. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ni agbára tó kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá ń sinmi. Bí ti òkè bá dé 180, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ bá dé 120, àwọn dókítà gbà pé ó ti ga dé ibi tí èèyàn kò gbọdọ̀ fojú fò ó. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi ara wọn lẹ́yìn náà ni pé, ṣé agbára ẹ̀jẹ̀ yìí ń ba nǹkan jẹ́ lọ́wọ́ nínú ara, ní ìsinsìnyí? Ṣé ọpọlọ ni, ọkàn ni, ẹ̀dọ̀fóró ni, kíndìnrín ni, àbí ojú? Bí kò bá sí ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́, èyí tó lè dúró di àárọ̀ nìyẹn. Ó le, ó nílò ìtọ́jú, ṣùgbọ́n wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ kan kò ní pa á lára. Bí nǹkan bá ń bàjẹ́ lọ́wọ́, èyí tí kò lè dúró nìyẹn, ìṣẹ́jú ni a fi ń ka ọ̀ràn rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kì í sáré já ti àkọ́kọ́ wálẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà? Ẹ wo ilé alájà mẹ́ta tí a kọ́ sí àdúgbò wa. Àwọn ayálégbé òkè pátápátá kì í rí omi àfi tí ẹ̀rọ omi bá ń tì í kíkankíkan. Bí ó bá ti pẹ́ tí ẹ̀rọ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, gbogbo ilé ti mọ́ ọn lára. Bí ẹnì kan bá wá pa ẹ̀rọ náà lójijì, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣì lè rí omi, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ omi àwọn ti òkè yóò gbẹ. Ọpọlọ ni ayálégbé òkè. Ẹni tí bíipí rẹ̀ ti ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọpọlọ rẹ̀ ti mọ agbára yẹn lára. Bí a bá já a wálẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé òkè mọ́, kí a sì fi ọwọ́ ara wa fa rọpárọsẹ̀ tí a ń sá fún.

Nítorí náà ni a fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì, àti ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ràn òbí yín. Oògùn kan wà tí wọ́n ń pè ní nifẹdípìn. Ó dára tí dókítà bá kọ ọ́ pé kí a gbé e mì bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n àṣà kan wà láti ọjọ́ pípẹ́, pé kí wọ́n gún kápúsù rẹ̀, kí wọ́n kán an sábẹ́ ahọ́n ẹni tí bíipí rẹ̀ ga, kí ó lè wálẹ̀ kíá. Àwọn dókítà ti pa àṣà yìí tì, torí pé wọ́n rí àwọn tí rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn kọlù nítorí pé bíipí wọn já wálẹ̀ láìsí ìjánu. Ẹ má ṣe é fún ẹnikẹ́ni.

Ó tó báyìí ká wá sí alẹ́ kejì.

Kò ju ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ti ẹ̀gbọ́n wẹ́ńdà, ọmọ kan sáré wá bá wa kété tí a ṣínu tán. Ó ní, “Àáfà, ẹ gbà wá, ìyá wa ń sọ kántankàntan.” Ìyá olóúnjẹ ni ìyá yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ojúwòyè, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ dáadáa. Nígbà tí a débẹ̀, wọ́n wà lórí àga. Àwọn ọmọ ní láti ìgbà Alásárì ni ìyá ti ń sọ pé orí ń fọ́ àwọn, irú èyí tí kò fọ́ àwọn rí, wọ́n sì ti bì lẹ́ẹ̀méjì. Wọ́n rò pé ebi ààwẹ̀ ni. Nígbà tí wọ́n gbé ife fún wọn láti ṣínu, ife bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Ẹnu wọn ti yọ́ díẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n fẹ́ pe orúkọ wa, ohun tó jáde kò ní ìtumọ̀.

Àwọn tó wà nílé ti pín sọ́nà mẹ́ta. Ẹnì kan ní kí wọ́n fi epo pa wọ́n lára. Ẹlòmíràn ní àwọn ọ̀tá ọjà ló ta wọ́n lọ́fà. Ẹnì kẹta ti lọ ra oògùn abẹ́ ahọ́n tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wọn sì kọjú sí àwa, pé kí àáfà sọ ohun tí a ó ṣe.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ohun tí a ṣe ni pé a béèrè omi. A ka Àlùkùránì sínú omi náà, a sì ní kí wọ́n fún ìyá mu. Ẹ̀kán àkọ́kọ́ ni wọ́n mu tí omi gba ọ̀nà òdì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wúkọ́, ojú wọn ń yí. Ìgbà yẹn ni àyà wa já. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú tí a ti wọ ilé náà kí ẹnì kan tó rántí pé kí a pe nọ́ọ̀sì wa. Nígbà tó dé, ó wo ojú wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó wọn bíipí, ó jẹ́ 196 lórí 124. Ẹ kíyè sí i, ti òkè kò tó ti ẹ̀gbọ́n wa tó ń wá jọ̀lọ́ọ̀fù. Ó ní, “Ẹ gbé wọn, kíá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mu ohunkóhun mọ́.” A gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá.

Níbẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí wọn. Iṣan kan ti bẹ́ nínú ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà sílẹ̀. Wọ́n fi oògùn sínú iṣan wọn láti mú bíipí wálẹ̀, wọ́n ń wọ̀n ọ́n léraléra kí ó má bàa já. Ọlọ́hun dá ẹ̀mí wọn sí. Wọ́n ń rìn báyìí, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún wọn kò lè di ìgbákọ mú mọ́, wọn kò sì tíì padà sọ́jà. Dókítà tó tọ́jú wọn kò bú wa. Ó kàn sọ fún wa pé kì í ṣe àdúrà ló ṣe ìpalára, omi ni. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá kọlù, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè má ṣiṣẹ́, omi tàbí oúnjẹ tàbí oògùn tí a bá fi sí i lẹ́nu lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ó ní ogójì ìṣẹ́jú yẹn náà, ẹ̀jẹ̀ ń dà ní gbogbo rẹ̀. A kò gbàgbé rẹ̀ láti ọjọ́ náà. A ń ka àdúrà fún aláìsàn títí di òní, ṣùgbọ́n inú mọ́tò tó ń lọ sí ọsibítù ni a ti ń kà á.

Àwọn àmì wo wá ni kò lè dúró? Ẹ jẹ́ kí a tò wọ́n láti orí wá sí ìsàlẹ̀, kí ó lè rọrùn láti rántí.

Láti orí: orí fífọ́ tó le lójijì, tí kò jọ èyí tó ti ń fọ́ ọ rí, pàápàá tí èébì bá bá a rìn. Kí èèyàn máa sọ ohun tí kò ní ìtumọ̀, kí ó dàrú, kí oorun tí kò ṣeé jí máa gbé e, tàbí kí gìrì mú un. Kí ẹnu yọ́, kí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, kí ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Kí ojú ṣú lójijì tàbí kí ó máa rí nǹkan ní méjì méjì.

Láti àyà: kí àyà máa fún èèyàn bí ẹni pé wọ́n gbé òkúta lé e. Kí ó máa mí gúlegúle, kí ó má lè sùn gbalaja, kí ó máa wúkọ́ ìfófòó tó pọ́n díẹ̀. Ìyẹn ni pé omi ti ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró. Tàbí kí ìrora kan ya á láti àyà gba ẹ̀yìn lọ bí ẹni pé wọ́n ń fa aṣọ ya. Iṣan ńlá tó ti inú ọkàn jáde ló lè máa ya, kò sì sí ohun tó burú jù ú lọ.

Láti ìsàlẹ̀: kí ìtọ̀ dínkù gan-an tàbí kí ó dá dúró, tàbí kí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí, tí bíipí rẹ̀ sì ga, ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rọ nítòsí, ẹ má ṣe wá ẹ̀rọ káàkiri. Ẹnu tó yọ́ kò nílò nọ́ńbà. Àní bí ẹ̀rọ bá ka 165 péré tí ẹnu sì yọ́, ọ̀nà ọsibítù kan náà ni.

Àwọn aboyún yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí a ti sọ. Fún aboyún, àti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ títí di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a kì í dúró de 180. Bí ó bá dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, ó ti di ti ọsibítù lójú ẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ohun tó ń ṣe é. Bí orí bá tún ń fọ́ ọ, tí ojú rẹ̀ ń ṣe wìrìwìrì, tàbí tí ìrora mú un lókè ikùn lápá ọ̀tún, gìrì lè wà nítòsí, ó sì lè gba ẹ̀mí ìyá àti ọmọ. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ má dúró gba àṣẹ ìyá ọkọ.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé, “Àáfà, ara mi le, èmi kò mọ̀ ọ́n lára.” Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa níbí, ní Pápá Ìṣeré ti Orílẹ̀-èdè ní Súrùlérè, ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1989. Nàìjíríà ń bá Ángólà gbá bọ́ọ̀lù láti lè lọ sí Ife Àgbáyé. Samuel Okwaraji, ọmọ ọdún 25, ẹni tó tún jẹ́ amòfin, ṣubú lórí pápá nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí, ó sì kú. Nígbà tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ọkàn rẹ̀ ti tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, àti pé ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkàn tó ń ti ẹ̀jẹ̀ gba iṣan tó le máa ń nípọn, ó máa ń tóbi, bí apá ẹni tó ń gbé àpò sìmẹ́ǹtì lójoojúmọ́. Kì í pariwo. Ẹni tó ń sáré lórí pápá bọ́ọ̀lù kò mọ̀ ọ́n lára, ka má tíì sọ ti àwa tí a jókòó.

Ní òkè òkun pẹ̀lú, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Franklin Roosevelt, bíipí rẹ̀ ti wà ní 186 lórí 108 nínú oṣù kẹta ọdún 1944, ó ṣì ń ṣèjọba. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 1945, ó sọ pé ẹ̀yìn orí ń dun òun gidigidi, ó dákú, nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n ó jẹ́ 300 lórí 190. Kò pé wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn náà tó fi kú, iṣan ti bẹ́ nínú ọpọlọ. Nígbà náà, àwọn dókítà ààrẹ pàápàá kò ní oògùn gidi tí wọ́n lè fún un. Lónìí, oògùn wà ní kẹ́mísìtì tó wà ní ìkóríta yín. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin wa àti ààrẹ yẹn nìyẹn, kò sì yẹ ká sọ ọ́ nù nítorí pé a ń gba ààwẹ̀.

Torí náà, ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀sìn sọ. Nínú Súrà Àlùbákárà, ní àyà 184 àti 185, Ọlọ́hun yọ̀ǹda fún aláìsàn kí ó jẹun, kí ó sì san ọjọ́ náà padà nígbà mìíràn. Ẹni tí àmì tí a kà bá hàn lára rẹ̀ lójú ọ̀sán, ààwẹ̀ ọjọ́ yẹn ti kúrò lọ́rùn rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń bi àáfà. Ẹni tí tirẹ̀ ga láìsí àmì, tó sì ti fi oògùn sílẹ̀, kí ó ṣínu, kí ó lo oògùn rẹ̀, kí ó san ọjọ́ kan padà. Kí a wọn bíipí lójú ààwẹ̀ kò ba ààwẹ̀ jẹ́ rárá.

Èyí tó dára jù ni pé kí ó má débẹ̀. Kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ lọ bá dókítà yín. Oògùn ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ẹ lè lò ó nígbà ìṣínu tàbí nígbà sàárì. Ti ẹ̀ẹ̀méjì, ẹ lo ọ̀kan nígbà ìṣínu, ọ̀kan nígbà sàárì. Ti ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ ní kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Èyí tó máa ń mú èèyàn tọ̀ ṣáá, ẹ bi í bóyá ìgbà ìṣínu ló yẹ ẹ́, kí òùngbẹ má bàa pa yín lọ́sàn-án. Àwọn oògùn kan wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá fi wọ́n sílẹ̀ lójijì, bíipí yóò fò sókè ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bákan náà, oògùn ara ríro bí ìbùprófẹ̀n àti dikilófẹ́nàkì, tí a máa ń rà ní sáṣẹ́ẹ̀tì láìbéèrè, máa ń gbé bíipí ga.

Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa pẹ̀lú, nítorí pé ìwọ̀nkuwọ̀n máa ń dá ìpayà sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ fẹ̀yìn ti nǹkan, kí ẹsẹ̀ kan ilẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì ní ìbámu pẹ̀lú àyà. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ má wé e mọ́ orí aṣọ. Ẹ má jẹ obì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ má sọ̀rọ̀. Bí ó bá ga, ẹ tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀.

Bí ọjọ́ àmì bá dé, ohun tí ẹ ó ṣe kò pọ̀. Ẹ wo aago, kí ẹ sì rántí ìgbà tí wọ́n rí aláìsàn náà kẹ́yìn tí ara rẹ̀ ṣì dá. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan ọpọlọ, abẹ́rẹ́ kan wà tó lè tú u, níbi tí wọ́n bá ti ní in, ṣùgbọ́n láàrin wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni. Ẹ má fún un ní omi, ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má fún un ní oògùn bíipí, ẹ má fún un ní asipirín, torí pé àwòrán orí nìkan ló lè sọ bóyá iṣan dí ni tàbí ó bẹ́. Bí ó bá dákú tàbí tó ń bì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Bí kò bá lè mí, ẹ jẹ́ kí ó jókòó. Ẹ kó gbogbo páálí oògùn rẹ̀ dání. Ẹ pe 767 tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì Ìpínlẹ̀ Èkó ni. Bí mọ́tò bá wà nílẹ̀, ẹ má dúró dè wọ́n. Àwa tí a wà ní àdúgbò yìí, Lúùtù wà ní Ìdí-Àràbà, ọsibítù ìjọba wà ní Múṣín, ti Randle wà ní Súrùlérè, ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Èbúté-Mẹ́ta. Ẹ mọ èyí tó sún mọ́ yín kí ọjọ́ tó dé, kì í ṣe ní òru ọjọ́ náà.

Ní alẹ́ yìí, lẹ́yìn ìṣínu, ẹ wo òbí yín lójú, ẹ bi wọ́n pé, “Ẹ ti lo oògùn yín?” Bí wọ́n bá ní ààwẹ̀ ni àwọn ń gbà, ẹ sọ fún wọn pé àáfà orí rédíò ní kí wọ́n lò ó báyìí.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún ìyá wa olóúnjẹ ní àlàáfíà, kí ó dá agbára padà sọ́wọ́ wọn. Kí ó forí àṣìṣe wa jìn wá, kí ó gba ààwẹ̀ wa, kí ó jẹ́ ká rí èyí tó ń bọ̀ tàwa ti gbogbo ará ilé wa. Àmín.